Fọ́tò Kan Ṣoṣo Látinú Fídíò Ìgbéyàwó

Fídíò ìgbéyàwó ti dé, bàbá ìyàwó sì ti rí ibi tó wù ú jù: ibi tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ gba àdúrà, tó gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí ó fi kọ́ sí pálọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe ni kí wọ́n dá fídíò dúró, kí wọ́n ya ojú fóònù. Àmọ́ ojú fóònù ni wọ́n yà, kì í ṣe fídíò. Fóònù ti lè fún àwòrán náà mọ́ra kó lè gba ojú rẹ̀, àmì ìdádúró sì lè wà láàárín iwájú orí ìyàwó.

Àwọn ètò kan tún wà tó máa ń yọ fọ́tò, ṣùgbọ́n tí wọ́n á gbé èyí tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e fúnni. Ìdí rẹ̀ ni pé fídíò kì í tọ́jú gbogbo fọ́tò rẹ̀ lódindi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú odidi; ohun tó bá yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ètò tó bá ń kánjú á fò sórí odidi tó sún mọ́ tòsí, ìyàwó á sì ṣì dorí kodò.

FFmpeg, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí odidi tó ṣáájú, á wá ṣírò dé ibi tí a sọ gan-an. Ká ní ẹ̀rín náà wà ní ìṣẹ́jú 41 àti àáyá 7, tí fídíò sì ń lo fọ́tò 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi kì í méfò ẹyọ kan. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá náà ni mo máa ń kó jáde:

```
ffmpeg -ss 00:41:07 -i igbeyawo.mp4 -t 1 aworan-%02d.png
```

Fọ́tò 25 á jáde. Nínú òmíràn, ìyàwó ń ṣẹ́jú. Nínú òmíràn, ọwọ́ àlùfáà ti di èéfín torí pé ó ń mì nígbà tí kámẹ́rà ń yà á, kò sì sí ètò tó lè tún ìyẹn ṣe dáadáa. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ mú èyí tí ojú rẹ̀ là.

PNG kì í gé nǹkan kúrò lára fọ́tò bíi ti JPEG. Síbẹ̀, kò lè dá ohun tí WhatsApp ti gé dànù padà, nítorí náà ẹ gba fáìlì gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ya fídíò, lórí fáláàṣì. Bí fídíò bá jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, fọ́tò yín á tẹ̀ jáde dáadáa ní ínǹṣì mẹ́fà ó lé díẹ̀ ní ìbú. Bí bàbá bá ní kó kún ògiri, á máa wú bàìbàì bí èèyàn bá sún mọ́ ọn.