Ìdí Tí Géèmù Fi Ń Dúró Sójú Kan Lórí PS4

Àtúnṣe géèmù lè má ju gígábáìtì 2 lọ, síbẹ̀ kó dúró gbagidi nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹ wo ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ. Bó bá jẹ́ Copying, àtúnṣe ti wọlé tán. Ẹ̀rọ ń da géèmù náà kọ lódindi ni. Géèmù tó jẹ́ gígábáìtì 50 á nílò àyè tó tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.

Bí kò bá sí Copying, ẹ kọ́kọ́ fura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ráútà. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ yan Rebuild Database.