Ogun Ni àbí Ògún? Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Orúkọ Ìdílé Níbi Tí Ìwé Kò Pọ̀

Ẹ wo orúkọ yìí bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sórí káàdì báńkì, láìsí àmì ohùn: Abogunde. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ó lè jẹ́ Abógundé, ẹni tó bá ogun dé. Ó sì lè jẹ́ Abógúndé, ẹni tó bá Ògún dé. Ohùn orí sílébù kẹta nìkan ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn méjèèjì jìnnà síra. Ti àkọ́kọ́ ń sọ àkókò: ogun ń jà nígbà tí wọ́n bí ẹni náà. Ìkejì ń sọ irú ilé tí wọ́n bí i sí: wọ́n ń bọ Ògún níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Àwọn kan ń lọ búra nílé ẹjọ́ láti yọ "Ogun" kúrò nínú orúkọ wọn, kí wọ́n fi "Olú" tàbí "Jésù" rọ́pò rẹ̀, torí wọ́n ní orúkọ òrìṣà ni. Bó bá wá jẹ́ pé ogun tí wọ́n fi ìbọn àti idà jà ni orúkọ náà ń wí ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù pé baba ńlá wọn la ogun já ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pa rẹ́ yẹn.

Màá fi Ògìdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣe àpẹẹrẹ. Mo mú Abogunde nítorí pé ó rọrùn láti fi ṣàlàyé. Mi ò sọ pé ìdílé kan pàtó ní Ògìdì ló ń jẹ́ ẹ.

Ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ?

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, wọn kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ọmọ ilé láti ìran dé ìran. Ọmọ ní àbísọ tirẹ̀, ó ní oríkì tirẹ̀, bí àwọn méjì bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n á fi orúkọ bàbá tàbí ti agbo ilé yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti owó orí ló mú orúkọ kejì wá. Kíláàkì béèrè pé, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Ohun tí ọmọ náà dáhùn ló di orúkọ ìdílé títí dòní.

Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ilé, orúkọ ìdílé jẹ́ orúkọ ènìyàn kan tó gbé ayé ní ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn. Ìtàn ìbí ẹni yẹn ló ń sọ, kì í ṣe ìtàn gbogbo ẹbí. Ìyẹn náà ló fà á tí ọmọ ìyá kan náà fi lè ní orúkọ ìdílé méjì: ẹ̀gbọ́n fi orúkọ bàbá sílẹ̀ nílé ìwé, àbúrò fi ti bàbá àgbà sílẹ̀. Bákan náà, ẹ lè rí Abogunde ní Ògìdì, kẹ́ ẹ tún rí òmíràn ní Ìkàrẹ́, kí wọ́n má tan rárá.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi àgbàlagbà kì í ṣe "Kí ni ìtumọ̀ orúkọ wa?" Ẹ béèrè pé, "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí? Kí ni bàbá tiẹ̀ ń jẹ́?" Bí bàbá ẹni náà bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ ń wá.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ìtumọ̀

Ẹ má béèrè pé, "Ṣé ogun ni àbí Ògún?" Ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu nìyẹn. Ẹ tan fóònù yín láti gba ohùn wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dárúkọ náà láàárín gbólóhùn, bíi "Mo mọ Abogunde dáadáa." Ìdí ni pé ohùn máa ń rọlẹ̀ níparí gbólóhùn, ìyẹn sì lè tan etí jẹ.

Bí a bá fi dò, re, mí kà á, Abógundé jẹ́ re-mí-re-mí. Abógúndé jẹ́ re-mí-mí-mí. Bí etí yín kò bá dá a yín lójú, ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Praat. Ẹ ṣí ohùn tẹ́ ẹ gbà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ `View & Edit`. Ìlà aláwọ̀ búlúù tó bá jáde ń fi bí ohùn ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ hàn. Ẹ wò ó bóyá ìlà náà sọ̀ lórí "gun" kó tó tún gòkè lórí "de".

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Èdè Òkun kì í ṣe èdè Ọ̀yọ́, a ò sì lè fi ohùn Yorùbá inú ìwé ṣèdájọ́ rẹ̀. Kí àgbàlagbà kan náà tún sọ "ogun" nínú gbólóhùn mìíràn, kó sì sọ "Ògún" náà. Ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ máa fi wọn orúkọ náà.

Ohùn pàápàá kì í parí ẹjọ́. Ogún tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn òkú náà wà, bí a bá sì sún "bá ogún dé" kì, Abógúndé ló máa dà, bíi ti Ògún gẹ́lẹ́. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú orúkọ náà, kẹ́ ẹ sì wá àmì nínú ilé. Ṣé àgbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ ni bàbá tó sọ ọmọ lórúkọ? Ṣé Ògún wà nínú orúkọ àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Kí ni oríkì ilé ń sọ? Orúkọ kan lè ṣìnà, àmọ́ kì í rọrùn kí orúkọ ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan ṣìnà papọ̀.

Ẹ ka ọdún

Ká ní àgbà méjì sọ re-mí-re-mí. Ogun ni, ó dáa. Ogun wo? Ní ilẹ̀ Òkun, èyí tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ogun Nupe. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Bida ń kó àwọn ará Òkun lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, títí tí ọmọ ogun Royal Niger Company fi lé wọn kúrò ní Kabba ní oṣù kìíní ọdún 1897.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní wọ́n bí yín ní 2003, wọ́n sì ní Abogunde ni bàbá tó bí bàbá àgbà yín. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn. Ọkùnrin sábà máa ń tó ọmọ ọdún 25 sí 35 nígbà tó bá bí ọmọ tí a ń tọ ìlà rẹ̀. Bí a bá fi 25 ṣírò, wọ́n bí i ní nǹkan bíi 1928. Bí a bá fi 35 ṣírò, ó jẹ́ nǹkan bíi 1898. Ogun Nupe ti parí. Ṣùgbọ́n ogun mìíràn bọ́ sáàárín: láti 1914 dé 1916, wọ́n kó sójà àti aláàárù láti Nàìjíríà lọ bá àwọn Jámánì jà ní Kamẹrúùnù. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà lè bá ogun dé.

Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin ńkọ́? Ìṣirò yẹn á gbé wa lọ sí 1863 sí 1903, ogun Nupe á sì tún padà wọlé. Ìran kan ṣoṣo ló yí ìtàn padà. Bẹ́ẹ̀, fífo ìran ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìtàn àfẹnusọ: ẹni tí kò ṣe ohun ńlá máa ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá so ọmọ rẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ tààrà. Láti mọ̀, ẹ béèrè nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà náà: ta ni ìyàwó rẹ̀, ibo ni oko rẹ̀, ibo ni wọ́n sin ín sí? Ẹ tún fi ìṣẹ̀lẹ̀ tó lọ́jọ́ dè é. Ṣé ó ti gbéyàwó nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918? Ṣé ó ṣì wà láyé nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú lórí Nàìjíríà ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947? Àgbàlagbà tí kò mọ ọdún lè rántí ọ̀sán tó ṣókùnkùn.

Ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ lẹ́nu ara wọn

Bí ẹni mẹ́wàá nílé bá sọ ìtàn kan náà, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé ètò ìsìnkú kan ni gbogbo wọn kà: bùrọ̀dá kan tó kàwé ló kọ ìtumọ̀ orúkọ sí i, látìgbà náà ló ti di òótọ́.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọmọ obìnrin ilé. Bí àbúrò bàbá àgbà yín obìnrin bá ti lọ ilé ọkọ ní Ìyàrá tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ láìka ìwé ìsìnkú. Bí tiwọn àti tilé bá ṣe déédéé, ẹ̀rí yẹn lágbára. Bí kò bá ṣe déédéé, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ìwé díẹ̀ tó wà

Ibi mẹ́ta ni mo máa kọ́kọ́ wò. Èkíní ni ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìwọlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti lè rí ọjọ́ tí orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé. Èkejì ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna. Apá Àríwá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Kabba sí, torí náà Kaduna lẹ máa lọ, kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹ béèrè fáìlì tí wọ́n kọ LOKOPROF sí lára. Ẹ má retí orúkọ gbogbo ènìyàn níbẹ̀: olóyè, ẹjọ́ àti owó orí ló pọ̀ jù, kíláàkì sì ń kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta wúlò bí orúkọ bá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́. Ní 1854, òyìnbó ajíhìnrere kan, Koelle, tẹ Polyglotta Africana jáde. Ní Freetown ló ti kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Yagba wà nínú rẹ̀, Oworo náà wà, àti èyí tó pè ní Dsumu, ìyẹn Ìjùmú. Ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò fi àmì ohùn sí i bíi tiwa, kò sì ní orúkọ ìdílé kankan, àmọ́ ó lè fi hàn yín pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Ìjùmú ṣáájú 1854.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ kọ àbájáde yín pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti ohun tó lè bì í ṣubú. Fún àpẹẹrẹ: "Abógundé. Àgbà méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe jù pé ogun Kamẹrúùnù ni, torí ìgbésẹ̀ mẹ́ta la kà. Bí a bá rí ìran kan tí a fò, ogun Nupe ni ká tún yẹ̀ wò." Ẹ fi ohùn tẹ́ ẹ gbà pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á àti orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wá a lẹ́yìn yín lè má bá àgbà kankan tó máa pè é fún un mọ́.