Káàṣì Bíráúsà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì

Lóde òní, inú áàpù tó ń ṣí nínú bíráúsà ni akọ̀wé ti ń gé rìsíìtì. Káàṣì ni ibi tí bíráúsà ń kó fáìlì ojú-ìwé pamọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà, kó má baà máa fi dátà gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti pẹ́ tí àṣà náà ti wà. Ìlànà Cache-Control tó ń darí rẹ̀ ti wà nínú HTTP/1.1 láti 1997.

Kí ló dé tí ojú áàpù fi ń dàrú nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì kò fọwọ́ kàn án?

Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ń wò, ṣùgbọ́n fáìlì púpọ̀ ló para pọ̀ di í. HTML ló gbé ọ̀rọ̀ àti àpótí, CSS ló ń tò wọ́n sí àyè wọn, JavaScript ló sì ń mú bọ́tìnì ṣiṣẹ́. Sáfà lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí yóò fi wà nínú káàṣì. Bí HTML bá jẹ́ tuntun, tí CSS sì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ńṣe ló dà bí aṣọ tuntun tí télọ̀ fi ìwọ̀n èṣí gé.

Ká mú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kúdẹtì ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà tí sáfà áàpù wọn ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì CSS nìyí:

```
Cache-Control: max-age=604800
```

Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ka iye yẹn, ó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gééré. (86400 jẹ́ ọjọ́ kan, 31536000 jẹ́ ọjọ́ 365.) Akọ̀wé ṣí áàpù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní aago 9 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bíráúsà rẹ̀ sì pa CSS mọ́ títí di aago 9 Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ni áàpù gbé ẹ̀dà tuntun jáde, wọ́n sì fi àpótí kan kún rìsíìtì. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, bọ́tìnì ti bo orúkọ ọmọ mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà akọ̀wé. Bíráúsà rẹ̀ kò tilẹ̀ bi sáfà léèrè, nítorí ọ̀sẹ̀ kan náà kò tíì pé. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi oṣù kan dé kò rí àbùkù kankan: èyí tó wà nínú káàṣì tirẹ̀ ti kọjá àkókò, bíráúsà sì ti gba tuntun.

Bí akọ̀wé yìí kò bá ṣe ohunkóhun, ojú áàpù náà lè tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn aago 9 Ọjọ́bọ̀. Bí sáfà kò bá sọ iye ìgbà kankan, bíráúsà á fojú bù ú, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ìgbà tí fáìlì ti wà láìyípadà: èyí tó ti tó 100 ọjọ́ lè wà nínú káàṣì fún 10.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé káàṣì ni?

Tẹ Ctrl+Shift+N nínú Chrome tàbí Edge, tàbí Ctrl+Shift+P nínú Firefox, kí o sì wọlé sí áàpù nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tó bá ṣí. Bó bá dára níbẹ̀, a lè fura sí káàṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kúkì tàbí àfikún bíráúsà náà lè fa irú rẹ̀. Bó bá dàrú níbẹ̀ pẹ̀lú, má fi dátà ṣòfò. Pe àwọn tó ni áàpù.

Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Èyí tó náni lówó díẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Tọ́jú ohun tí o ti tẹ̀, kí o wá tẹ Ctrl+F5 tàbí Ctrl+Shift+R (Command+Shift+R lórí Mac). Fáìlì ojú-ìwé yẹn nìkan ni bíráúsà máa tún gbà.

Bí kò bá gbọ́, tẹ Ctrl+Shift+Delete. Nínú Chrome, yan "All time", kí o sì fi àmì sí "Cached images and files" nìkan. Nínú Firefox, "Temporary cached files and pages" ni kí o wá. Fi "Cookies and other site data" sílẹ̀, torí pé bí o bá pa á rẹ́, á lé ọ jáde nínú gbogbo áàpù, ó sì lè pa iṣẹ́ tí áàpù tọ́jú sínú bíráúsà rẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú-ìwé tí o máa ń lò ni bíráúsà máa tún gbà látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó sàn kí dátà wà nílẹ̀ dáadáa.

Ṣé pásíwọọ̀dù tí bíráúsà tọ́jú máa lọ?

Rárá, bí o kò bá fi àmì sí ti pásíwọọ̀dù.

Ìgbà wo ni pípa káàṣì rẹ́ kì í ṣiṣẹ́?

Bí owó tó wà lórí rìsíìtì kò bá bá àkọsílẹ̀ mu lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, inú sáfà ni àṣìṣe wà. Àwọn áàpù kan sì tún ní ìpamọ́ tiwọn lábẹ́ "Cookies and other site data", tí pípa káàṣì nìkan kì í dé. Jẹ́ kí àwọn tó ni áàpù tọ́ ọ sọ́nà kí o tó fọwọ́ kan ìyẹn.

Bí ojú áàpù bá ń dàrú lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dà tuntun, sọ fún àwọn tó ni í pé kí wọ́n máa yí orúkọ fáìlì padà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún un ṣe, bí `risiti.1.css` ṣe lè di `risiti.2.css`. Bíráúsà kò ní orúkọ tuntun náà nínú káàṣì, yóò sì lọ gbà á. Wọ́n lè wá fi 31536000 sí i láìséwu, kí ọ́fíìsì sì máa jèrè dátà.