Egbò Iná Kékeré: Ohun Tí Omi Lè Ṣe, àti Ibi Tí Ìtọ́jú Ilé Parí Sí

Ká ní ìyá kan ń po ẹ̀kọ mímu fáwọn ọmọ láàárọ̀. Abọ́ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀kọ gbígbóná sì dà sí i lápá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ibi tó jó kò tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àmọ́ ó ń ta á débi pé ariwo rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gba ẹ̀gbẹ́ tí sàlẹ́ńsà wà, irin gbígbóná náà sì kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá ojúgun. Ojú ibẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó ta á díẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ìyá tó ń pariwo ni gbogbo ilé sáré lọ bá. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó mọ ìtọ́jú egbò iná bá wo àwọn méjèèjì, ìyá yẹn ni yóò ní kó máa tọ́jú ara rẹ̀ nílé, àbúrò rẹ̀ ni yóò ní kó máa lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá lóye ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ní fi ariwo ẹni tí iná jó díwọ̀n egbò rẹ̀ mọ́.

Omi ni kó kọ́kọ́ débẹ̀

Bí ohun gbígbóná bá tilẹ̀ ti kúrò lára, ooru rẹ̀ kò tíì lọ. Ó ti wọnú ẹran, ó sì ń jó o lọ lábẹ́ awọ. Ẹ̀kọ tún burú ju omi gbígbóná lásán lọ, torí pé ó ki, ó ń lẹ̀ mọ́ ara, kì í sì í tètè tutù. Nítorí náà, kí ìyá yìí gbé apá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi kíákíá, kí omi fọ ẹ̀kọ náà dànù, kó sì máa ṣàn lórí ojú egbò fún ìṣẹ́jú 20 gbáko. Kó wo aago, torí pé ìṣẹ́jú 5 máa ń dà bí wákàtí kan fún ẹni tí ara ń ta. Omi tó tutù níwọ̀nba, bí èyí tó ń ti inú táǹkì tàbí àmù wá, ti tó. Ó ń fa ooru jáde kúrò nínú ẹran, ó ń dín ìrora kù, kì í sì í jẹ́ kí ibẹ̀ wú púpọ̀.

Nígbà tí omi ń ṣàn lọ́wọ́, kó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka àti aago kúrò kí apá tó wú, torí pé lẹ́yìn tó bá ti wú, wọn ò ní ṣeé bọ́ mọ́, wọ́n á sì máa fún un. Kó bọ́ aṣọ tó bá bo ibẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ bí aṣọ bá ti jó lẹ̀ mọ́ ẹran, kó má fà á. Dókítà ló máa yọ ọ́.

Níbi tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ife bu omi mímọ́ dà á sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí kó ki apá bọ inú bàsíà omi. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi náà ṣeé lò, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó rántí omi kò gbọdọ̀ sọ pé ó ti bọ́: láàárín wákàtí 3 tí iná jó èèyàn, omi ṣì lè ràn án lọ́wọ́.

Yìnyín kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Òtútù rẹ̀ máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹran tí iná ti pa lára yóò sì tún kú sí i. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni, ibi tó jó nìkan ni kí omi máa kàn, ká sì fi aṣọ gbígbẹ bo ìyókù ara rẹ̀, torí pé òtútù máa ń tètè mú ọmọdé.

Ohun tí à ń fi sí i tó ń bà á jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kí omi tó débẹ̀, ẹnì kan ti fọ́ ẹyin tútù lé e, ẹlòmíràn ti mú epo pupa dé, ẹ̀kẹta ti di ọṣẹ ìfọyín mú. Àánú ló ń ṣe wọ́n, àmọ́ ohun tí wọ́n mú wá ń dá kún egbò náà. Epo àti òrí á bo ooru mọ́lẹ̀ sínú ẹran bí ìdérí ṣe ń bo ìkòkò. Ẹyin tútù lè gbé kòkòrò àrùn wọ ojú egbò. Ọṣẹ ìfọyín àti iyọ̀ á máa ta ẹran tó ti bó, kẹrosíìnì náà á sì máa jẹ ẹ́. Oògùn aláwọ̀ aró tí wọ́n máa ń kùn sí egbò ní tiẹ̀ á pa àwọ̀ ojú egbò dà, dókítà kò sì ní lè mọ bí iná ṣe wọlé tó.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó jinlẹ̀

Ní abẹ́ awọ òkè ni àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora wà, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Bí iná bá jó awọ òkè nìkan, ibẹ̀ á gbóná, á máa ta ni, àmọ́ kò ní léròrò. Nínú ìwé, wọ́n máa ń sọ pé ibẹ̀ á pọ́n. Lára èèyàn dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ó lè kàn dúdú sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi wé ẹ̀gbẹ́ kejì ara. Irú èyí sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí iná bá wọlé díẹ̀ sí i, ara á léròrò. Bí ìléròrò náà bá bẹ́, ẹran abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á tutù rinrin, á sì máa ta ni gidigidi. Bí a bá fi ìka mímọ́ tẹ̀ ẹ́, á funfun, ní kété tí a bá sì gbé ìka kúrò, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn níbẹ̀ nìyẹn, iṣan ìrora náà kò sì kú. Irú egbò ìyá wa nìyí. Ariwo tó ń pa fi hàn pé ẹran abẹ́ awọ rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹ wá wo ti àbúrò. Ojú ibẹ̀ funfun bí àbẹ́là, etí rẹ̀ dúdú, ó gbẹ, ó sì le. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Bí a bá fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ ọ́n. Irin gbígbóná ti jó iṣan ìrora àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ awọ, kò sì sí ohun tó kù níbẹ̀ tó máa mú awọ tuntun jáde. Àyàfi kó máa ti etí wọlé díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí egbò iná kò bá ta ni, tí ojú rẹ̀ sì funfun, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó dúdú, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Ìtọ́jú ìyá nílé

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kó rọra fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ibẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, kó má nù ún. Kó má bẹ́ ìléròrò, torí pé awọ tó bò ó ni kò jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Kó fi fásílíìnì lásán tó mọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó fi gọ́ọ̀sì bò ó, kó sì fi báńdéèjì dì í, kó má fún un pọ̀. Bí ìrora bá pọ̀, kó lo parasítámọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bó bá dùbúlẹ̀, kó gbé apá náà lé ìrọ̀rí kó má bàa wú.

Kó máa pààrọ̀ gọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì. Bó bá lẹ̀, kó fi omi mímọ́ rẹ ẹ́ kó tó ṣí i. Ní ọjọ́ kẹta, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí pé egbò iná lè jinlẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó pọ́n tó sì tutù rinrin lánàá lè funfun, kó sì gbẹ lónìí. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, bí ibẹ̀ bá ń rùn, bó bá ń ṣọyún, bí wíwú bá ń tàn kálẹ̀, tàbí bí ibà bá dé, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá tí ojú rẹ̀ kò padé, kó lọ bákan náà. Egbò iná tó bá pẹ́ kó tó jinná ló sábà máa ń di àpá líle tó ń wú sókè, tó sì ń yún ni.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró nílé

Àtẹ́lẹwọ́ èèyàn pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara rẹ̀. Bí egbò tó léròrò bá ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí iná jó lọ, kó lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ọmọdé, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ni ká fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀.

Ojú, ọrùn, ọwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ojú ara àti oríkèé náà kò ṣeé tọ́jú nílé, nítorí pé bí àpá bá fa awọ pọ̀ níbẹ̀, ìka lè ká kò, orúnkún lè má nà mọ́. Egbò tó bá yí apá tàbí ẹsẹ̀ po léwu, torí pé bó bá ti ń wú, ó lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àgbàlagbà, aboyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde gbọ́dọ̀ rí dókítà bí ara wọn bá ti léròrò.

Bó bá jẹ́ iná mànàmáná ló gbé èèyàn, ẹ má fi bí ojú rẹ̀ ṣe kéré wọ̀n ọ́n: iná yẹn lè jó inú ẹran, ó sì lè da ọkàn láàmú. Bó bá jẹ́ ásíìdì bátìrì ló dà sí ni, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, ẹ máa da omi púpọ̀ sí i, kí ẹ sì gbéra lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó fa èéfín símú, tí ohùn rẹ̀ há tàbí tó ń wúkọ́ dúdú, kò gbọdọ̀ dúró rárá, torí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè wú dí.

Bí àbúrò bá dé ilé ìwòsàn, wọn á fọ egbò náà, wọn á wò ó bóyá yóò nílò kí wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọn á sì béèrè nípa abẹ́rẹ́ àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí pé egbò iná máa ń jẹ́ kí àrùn náà ráyè wọlé. Kó ti múra ìdáhùn sílẹ̀: kí ló jó o, aago mélòó ló ṣẹlẹ̀, omi kàn án fún ìṣẹ́jú mélòó, kí ni wọ́n fi sí i, ọdún wo ló sì gba abẹ́rẹ́ yẹn kẹ́yìn. Àwọn ìdáhùn yìí ni dókítà máa fi mọ ibi tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀.