Ìgbà Tí Ìtumọ̀ Àtijọ́ Ṣeé Gbà

Nínú ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀, gbólóhùn kan náà máa ń jáde léraléra. Sọfitíwia ìrántí ìtumọ̀ ń tọ́jú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá tún yọjú, á gbé ti àtijọ́ wá, á sì sọ iye tí wọ́n fi jọra nínú 100. Lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ ló ń wò o, kò mọ èrò tó wà nínú wọn.

Ìdí nìyí tí 100 gan-an fi lè tanni jẹ. Ní orí tó dá lórí ọ́ìlì, Gẹ̀ẹ́sì ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kún, kò dárúkọ ohun tó yẹ kó kún. Ògbufọ̀ kọ ọ́ pé: “Wò ó bóyá ọ́ìlì kún.” Ní orí tó dá lórí rédíétọ̀, sọfitíwia tún gbé e wá. Ẹni tó bá gbà á ti rán oníbàárà lọ síbi ọ́ìlì nígbà tí omi ń gbẹ. Títúmọ̀ tuntun ló yẹ, kí a sì fi pamọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá pa ti àtijọ́ rẹ́, ọ́ìlì ni yóò di omi nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Bí gbólóhùn iwájú àti ẹ̀yìn bá tún bára mu, gbígbà á kò léwu púpọ̀.

Láàárín 75 sí 99, ohun tó yàtọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà, àtúnṣe tó. Bó bá jẹ́ “má ṣe”, ó ti yí àṣẹ padà. Nísàlẹ̀ 75, títúmọ̀ tuntun sábà máa ń yá ju àtúnṣe lọ.