Ta Ló Yẹ Kó Yí Padà, Ètò Kọ̀ǹpútà Ni àbí Ilé Iṣẹ́?

Ní ọdún 2011, Lidl, ilé iṣẹ́ ọjà ńlá ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìṣirò ọjà rẹ̀ sórí ètò kọ̀ǹpútà SAP. Iye tí wọ́n ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ohun tó wà ní ilé ìkẹ́rù wọn. Iye tí wọ́n máa tà á ni ètò náà fi ń ṣírò tirẹ̀. Lidl kò yí padà, ni wọ́n bá ń tún ètò náà ṣe. Ní 2018 wọ́n pa á tì, lẹ́yìn tí nǹkan bí 500 mílíọ̀nù yúrò ti bá a lọ. Ìyẹn nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń pe àpérò ìfiwéra: ká jọ wo ibi tí ètò tuntun ti bá iṣẹ́ wa mu àti ibi tí àfo wà, kówó tó jáde.

Ká ní ẹnì kan ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò n'Íbàdàn. Ẹ má bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́, nítorí ohun gbogbo ni wọn yóò fẹ́. Ẹ mú ọjà kan tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ tà á lójú wọn lórí ètò náà bó ṣe wà, láti ìgbà tí oníbàárà béèrè títí ó fi sanwó. Akọ̀wé ọjà àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá tó lè pàṣẹ.

Àfo kìíní: gbèsè oníbàárà kò gbọ́dọ̀ kọjá iye kan láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ètò náà ti ní àyè fún un. Títò ló kù. Èkejì: iye kéréètì òfìfo tó wà lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ hàn lórí ìwé owó ọjà. Ètò náà lè ka kéréètì, kò kàn lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Owó wà nínú kéréètì, oníbàárà sì máa ń jiyàn lé e lórí, nítorí náà ó tọ́ kí wọ́n kọ kóòdù kékeré fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò máa dán an wò ní gbogbo ìgbà tí ètò náà bá gba àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta ló máa ń fa àríyànjiyàn. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé kan kí ọkọ̀ tó kúrò, wọ́n sì fẹ́ kí ètò náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń darí àpérò gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí àṣẹ náà ti wá. Ṣé òfin ni? Rárá. Ṣé oníbàárà ló béèrè? Rárá. Wọ́n jí ọjà nígbà kan ni, wọ́n sì fi ìfọwọ́sí kún un. Nísinsìnyí, ètò náà ń kọ orúkọ ẹni tó kó ọjà jáde àti wákàtí tó kó o. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù bá ń kà á kí ọkọ̀ tó jáde, iṣẹ́ ìwé náà ti parí. Ilé iṣẹ́ ló yẹ kó yí padà níbí. Kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìwé náà máa kúrò sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó máa mú un kúrò.