Mánẹ́jà méjì ló wà lórí YouTube: èwo ló di ìkànnì yín mú?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn tó máa ń wo ìkànnì Linus Tech Tips lórí YouTube ṣàdédé rí i pé àwọn olè ti gba ìkànnì náà. Fídíò kan ń lọ níbẹ̀ tó ń fi owó kírípítò tan èèyàn sínú gbájúẹ̀. Ìkànnì tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 15 ń tẹ̀ lé ni o. Ẹni tó ni ín, Linus Sebastian ará Kánádà, ròyìn lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun ló ṣí fáìlì kan tó wá nínú ímeèlì, tó dà bíi pé ilé iṣẹ́ tó fẹ́ polówó ọjà ló fi ránṣẹ́. Fáìlì yẹn ló jí àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí pé ẹnì kan ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí àmì yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò nílò paswọ́ọ̀dù, kò sì nílò kóòdù orí fóònù. Linus yí paswọ́ọ̀dù padà, àwọn olè ṣì ń padà wá.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yẹn ni pé ẹnu ọ̀nà ìkànnì kì í ṣe ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ ìkànnì náà ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ìkànnì ni kò sì tíì ka ìwé náà rí.

Ìkànnì tó wà lábẹ́ Brand Account, bí àwọn ilé iṣẹ́, ìjọ àti onífíìmù ṣe máa ń lò ó, kò ní paswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Oníkálukú ló ń fi Gmail ara rẹ̀ wọlé, Google á wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Owner lè fi èèyàn kún un, ó sì lè yọ èèyàn kúrò. Manager lè gbé fídíò sórí ìkànnì, àmọ́ kò lè pe ẹlòmíràn wọlé. Lókè gbogbo wọn ni Primary owner wà, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá ń wá Editor níbẹ̀, ẹ ò ní rí i, nítorí kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yẹn rárá. Ọmọ tó ń gé fídíò yín, Manager ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, bí kò bá jẹ́ pé ẹnì kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ di Owner.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. YouTube fúnra rẹ̀ ní ìwé àṣẹ mìíràn tó wà nínú YouTube Studio. Editor wà nínú tibẹ̀, Viewer wà níbẹ̀, Manager náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Manager ti Studio lè pe ẹlòmíràn wọlé, ó sì lè yọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, agbára méjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "manager lásán ni mo jẹ́ níbẹ̀", ẹ bi í pé nínú ìwé wo.

Láti mọ èyí tí ìkànnì yín ń lò, ẹ wọ studio.youtube.com lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Settings, lẹ́yìn náà Permissions. Bí orúkọ àwọn èèyàn bá jáde lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ipò wọn, ìwé Studio lẹ ń lò. Bó bá jẹ́ Manage permissions ló wà níbẹ̀, tó ń darí yín lọ sọ́dọ̀ Google, Brand Account ṣì ló ń pàṣẹ. Ẹ tún lè gba tààrà lọ sí myaccount.google.com/brandaccounts, kí ẹ yan orúkọ ìkànnì, kí ẹ sì tẹ Manage permissions.

Ẹ jẹ́ ká fi onífíìmù kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ìyá Túndé. Ó ṣí ojú ewé yẹn, ó rí ímeèlì mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Owner. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá a ṣí ìkànnì náà lọ́jọ́ kìíní, tó ti wà ní Kánádà báyìí, ni Primary owner. Manager méjì ló kù: ọ̀kan ni ọmọkùnrin tó ń gé fíìmù fún un tẹ́lẹ̀, tó ti bá ibòmíràn lọ láti bí ọdún kan. Ìkejì, kò mọ̀ ọ́n rí.

Ta ló mú àjèjì yẹn wọlé? Torí pé Brand Account ni, ọmọkùnrin tó ń gé fíìmù ò lè ṣe é, Manager ni. Bí kò bá ti í ṣe Ìyá Túndé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù. Ó pè é lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹni tó máa ń ya àwòrán iwájú fídíò fún wa ni. Mo gbàgbé láti sọ fún yín ni." Ká ní ìwé Studio ni wọ́n ń lò ni, ó di dandan kó bi gbogbo Manager, títí kan èyí tó ti lọ.

Ó yọ Manager méjèèjì. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba sùúrù, torí òun ló di ipò àkọ́kọ́ mú. Òfin Google ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jẹ́ Owner fún ọjọ́ 7 kó tó lè di Primary owner. Ìyá Túndé ti kọjá ìyẹn tipẹ́, nítorí náà ọmọ náà yí i padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di Owner lónìí, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi dúró. Bí ọmọ náà bá sì kọ̀ ńkọ́? Kò sí bọ́tìnì tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà ẹbí ló kù, tàbí lọ́yà.

Bí wọ́n bá kó àṣẹ lọ sínú Studio, Ìyá Túndé lè fi ẹni tó bá ń gé fíìmù fún un sí Editor: yóò lè gbé fídíò sórí ìkànnì, kò ní lè pa èyí tó ti jáde rẹ́, kò sì ní lè pe ẹnikẹ́ni wọlé. Irú Editor kan tiẹ̀ wà tí kò ní rí iye owó tó ń wọlé. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju Manager lọ, bí ẹni náà bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ yín. Ìwé ìpè tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti Studio á di òfo lẹ́yìn ọjọ́ 30 bí onítọ̀hún kò bá gbà á.

Ohun kan wà tí yíyọ orúkọ kò kàn rárá: stream key, kóòdù tí wọ́n fi ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ ní tààrà. Ẹni tó ti dà á kọ tẹ́lẹ̀ ṣì lè fi í gbé nǹkan sórí ìkànnì yín, bí orúkọ rẹ̀ ò bá tiẹ̀ sí níbì kankan mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ẹnikẹ́ni tó ti bá yín ṣe ètò tààrà rí, ẹ yí stream key náà padà lọ́jọ́ kan náà.